ACID àti BASE: èwo ló yẹ ibi wo nínú ètò owó fífi ránṣẹ́ lórí fóònù?

Ẹ jẹ́ ká mú àkáǹtì kan tí tọkọtaya jọ ń lò, kí owó inú rẹ̀ jẹ́ 10,000. Ọkọ fẹ́ san 7,000 láti orí fóònù tirẹ̀. Ìyàwó wà níbòmíràn, òun náà fẹ́ san 6,000. Kò sí èyí tó mọ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe nínú wọn, àwọn méjèèjì sì tẹ bọ́tìnnì láti fi owó ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Owó tó wà nílẹ̀ tó ọ̀kọ̀ọ̀kan san, kò tó méjèèjì. Ohun tí dátábéèsì bá ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló ń fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ACID àti BASE, ọ̀nà méjì tí dátábéèsì lè gbà tọ́jú àkọsílẹ̀, hàn jù lọ, òun ni a óò sì máa fi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè pé, "Ṣé ACID ni ká lò fún áàpù wa ni, àbí BASE?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ti fẹ̀ jù. Ó dára ká máa mú nọ́ńbà tí áàpù ń tọ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká bi ara wa pé: bí nọ́ńbà yìí bá pẹ́ díẹ̀ kó tó bá òótọ́ mu, kí ni yóò ṣẹlẹ̀, ta ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí? Bí ó bá jẹ́ pé owó kan lè jáde lẹ́ẹ̀mejì, ACID ni ká fi ṣọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan kàn máa dúró díẹ̀ kó tó rí ohun tó ń wá, BASE tó o.

## Ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣèlérí

Ọdún 1983 ni Theo Härder àti Andreas Reuter kó ìlérí mẹ́rin jọ sábẹ́ orúkọ ACID. Àkọ́kọ́ ni pé ìdúnàádúrà kan, ìyẹn àwọn àṣẹ tí a so pọ̀ bí iṣẹ́ kan ṣoṣo, yóò parí pátápátá tàbí kó dà bíi pé kò wáyé rárá. Kò ní sí pé a yọ owó níbì kan, a ò sì rí i níbi tó yẹ kó dé. Ìkejì ni pé òfin tí a gbé kalẹ̀, bíi pé àkáǹtì kankan kò gbọdọ̀ wọ gbèsè, yóò dúró ṣáájú ìdúnàádúrà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìkẹta ni pé àwọn ìdúnàádúrà tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní máa tọwọ́ bọ iṣẹ́ ara wọn tí kò tíì parí. Ìkẹrin ni pé tí dátábéèsì bá ti sọ pé "ó ti parí", kódà kí iná lọ lójú ẹsẹ̀, ohun tó kọ sílẹ̀ kò ní sọnù.

BASE jáde ní 1997 láti ọ̀dọ̀ Eric Brewer àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Berkeley, nígbà tí wọ́n ń wá bí iṣẹ́ ńlá kan yóò ṣe máa lọ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké. Ìlérí tirẹ̀ rọ̀ ju ti ACID lọ. Iṣẹ́ náà yóò máa dá èèyàn lóhùn bí apá kan rẹ̀ tilẹ̀ ti kú. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀dà dátábéèsì kan lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án níbẹ̀, torí ìròyìn ṣì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dà yòókù. Bí kò bá sì sí àkọsílẹ̀ tuntun mọ́, gbogbo ẹ̀dà yóò fohùn ṣọ̀kan nígbẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pé ìlérí yìí kò dá àkókò kankan, kò sì sọ ohun tí ẹ lè kà kí àkókò náà tó pé.

Kí ló dé tí èèyàn á fi gbà láti fi ìlérí líle sílẹ̀ gba èyí tó rọ̀? Ọ̀nà jíjìn ni, àti pé nẹ́tíwọ̀kì máa ń já. Ní ọdún 2000, Brewer sọ ọ́ pé tí nẹ́tíwọ̀kì bá pín àwọn sáfà sí méjì tí apá kan ò gbọ́ ti èkejì mọ́, ohun méjì péré ló kù: kí ẹ kọ̀ láti dá àwọn kan lóhùn, tàbí kí ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tó lè má jẹ́ òótọ́ mọ́. Seth Gilbert àti Nancy Lynch fi ìṣirò ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀ ní 2002. Kódà nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá dára, àlọ àti àbọ̀ ìròyìn láàárín sáfà méjì tí òkun pín níyà lè gba 100 mílísẹ́kọ́ńdù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí gbogbo ìsanwó bá gbọ́dọ̀ dúró de ìdáhùn láti òkè òkun, ẹni tó di fóònù mú ló máa san owó ìdúró náà.

## Tọkọtaya náà lọ́dọ̀ ACID

Níbí, àkáǹtì A jẹ́ ìlà kan nínú tábìlì kan, sáfà kan ṣoṣo tó jẹ́ olórí ló sì ní àṣẹ láti yí i padà. Ìsanwó ọkọ sí àkáǹtì B rí báyìí nínú dátábéèsì PostgreSQL:

```sql
BEGIN;
UPDATE accounts SET balance = balance - 7000
 WHERE id = 'A' AND balance >= 7000;
UPDATE accounts SET balance = balance + 7000
 WHERE id = 'B';
COMMIT;
```

Ẹ wo `balance >= 7000` tó wà nínú àṣẹ àkọ́kọ́. Òun ni gbogbo ààbò wa. Ká ní àṣẹ ọkọ ló kọ́kọ́ dé: dátábéèsì yóò ti ìlà A mọ́ ọn lọ́wọ́. Àṣẹ ìyàwó dé tẹ̀ lé e, ó bá ìlà náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì dúró. Nígbà tí ti ọkọ bá dé `COMMIT`, ìlà náà yóò di títú sílẹ̀ pẹ̀lú 3,000 nínú rẹ̀. Dátábéèsì yóò wá tún àyẹ̀wò ìyàwó ṣe lórí nọ́ńbà tuntun yìí: ṣé 3,000 tó 6,000? Kò tó. Nítorí náà kò sí ìlà tó yí padà, ohun tí ẹ óò sì rí ni `UPDATE 0`. Ètò tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà yẹn, kó pàṣẹ `ROLLBACK`, kó sì sọ fún ìyàwó pé owó ò tó. Bí kò bá kà á, tó kàn tẹ̀ síwájú sí àṣẹ kejì, ẹni tí ìyàwó ń sanwó fún yóò gba 6,000 tí kò ti inú àkáǹtì kankan jáde.

Mo ní láti tẹnu mọ́ nǹkan kan níbí, torí pé níní dátábéèsì ACID yàtọ̀ sí lílo ACID. Ọ̀pọ̀ ètò ló máa ń kọ́kọ́ ka owó tó wà nílẹ̀ jáde, kí ó ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀, kó wá kọ èsì padà. Ètò tó ń ṣe ti ọkọ ka 10,000, ó ṣírò 3,000. Èyí tó ń ṣe ti ìyàwó ka 10,000, ó ṣírò 4,000. Àwọn méjèèjì kọ èsì tiwọn, ẹni tó kọ gbẹ̀yìn pa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́. PostgreSQL kò ní ráhùn rárá, torí ipele ìyàsọ́tọ̀ tó ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn, ìyẹn `READ COMMITTED`, fàyè gba èyí. Ẹ fi àyẹ̀wò sínú `UPDATE` gan-an bíi ti òkè yìí, tàbí kí ẹ fi `SELECT ... FOR UPDATE` ti ìlà náà kí ẹ tó kà á. Ẹ sì lè bọ́ sí ipele `SERIALIZABLE`, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ múra láti tún ìdúnàádúrà ṣe nígbàkigbà tí àṣìṣe `40001` bá dé.

ACID ní owó tirẹ̀ tó ń gbà. Ká ní B ń fi owó ránṣẹ́ sí A ní àkókò kan náà tí A ń fi ránṣẹ́ sí B. Ìdúnàádúrà kan ti A mú, ó ń dúró de B; èkejì ti B mú, ó ń dúró de A. Wọn ì bá dúró títí, àmọ́ PostgreSQL máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sì dá ọ̀kan dúró pẹ̀lú àṣìṣe `40P01`. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí gbogbo ìdúnàádúrà máa ti ìlà pa ní ètò kan náà, bóyá láti `id` tó kéré lọ sí èyí tó tóbi, ẹni yòówù kó máa sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ṣòro jù ni ìlà tó gbóná. Ẹ ronú sí àkáǹtì oníṣòwò ńlá kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń sanwó sí lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ìdúnàádúrà kọ̀ọ̀kan bá di ìlà náà mú fún mílísẹ́kọ́ńdù 5, 200 péré ló lè kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ẹ tilẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tó lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ lọ́nà mẹ́wàá. Ìlà ìdúró ló ń fà á, agbára kọ̀ǹpútà kọ́.

## Tọkọtaya náà lọ́dọ̀ BASE

Níbí, ẹ̀dà àkáǹtì A méjì wà lórí sáfà méjì tó jìnnà síra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gba ìsanwó, kó dáhùn lójú ẹsẹ̀, kó sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí èkejì nígbà tó bá yá. Ọkọ bá ẹ̀dà kìíní pàdé: 10,000 tó 7,000, ó kọjá, ó ku 3,000. Ìyàwó bá ẹ̀dà kejì pàdé: 10,000 tó 6,000, ó kọjá, ó ku 4,000. Àwọn méjèèjì rí àmì pé ó ti parí. Lẹ́yìn díẹ̀, ìròyìn pàdé ara wọn: ẹ̀dà kan ní 3,000 ló kù, èkejì ní 4,000 ni.

Ohun tó máa tẹ̀ lé e dúró lórí ohun tí ẹ tọ́jú. Bí ó bá jẹ́ iye owó tó kù ni ẹ tọ́jú, tí ẹ sì ń lo òfin pé àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló borí, bí dátábéèsì Cassandra ṣe ń fi àmì àkókò yanjú ìjà, a óò fi 4,000 sílẹ̀, a óò sì ju 3,000 nù. Owó tó jáde jẹ́ 13,000, ìwé sì ní 6,000 péré ló jáde. Ìsanwó ọkọ ti parẹ́ kúrò nínú ìṣirò, kò sì sí àṣìṣe kankan tó fara hàn lójú ẹ̀rọ. Ó tún burú sí i tí aago sáfà kan bá yá ju ti èkejì lọ, torí àkọsílẹ̀ àtijọ́ lè wá pa tuntun rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ni ẹ tọ́jú, ìyẹn "−7,000, nọ́ńbà ìsanwó yìí" àti "−6,000, nọ́ńbà ìsanwó yẹn", ìpàdé àwọn ẹ̀dà méjèèjì yóò kó àkọsílẹ̀ méjèèjì jọ, ìṣirò yóò sì fún wa ní −3,000. Àkáǹtì wọ gbèsè, àmọ́ òótọ́ kò sọnù. Ó wá kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà láti pinnu bóyá kó gba gbèsè náà nígbà tí owó mìíràn bá wọlé, tàbí kó gba àdánù náà sára. BASE kò dá òfin "má wọ gbèsè" dúró. Ó sún ìpinnu náà síwájú, ó sì gbé e lé èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí a kàn béèrè ọ̀pọ̀ ìbò: ká ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí àkọsílẹ̀ dé méjì, kí kíkà náà wá láti ọ̀dọ̀ méjì. Torí 2 + 2 ju 3 lọ, ó kéré tán ẹ̀dà kan nínú àwọn tí a kà yóò ti mọ àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Òótọ́ ni, ó sì dára fún kíkà. Ṣùgbọ́n kò dá tọkọtaya wa dúró: àwọn méjèèjì ṣì lè ka 10,000 láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dà méjì kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kọ ohunkóhun. Kí kíkà àti kíkọ tó lè di ohun kan ṣoṣo, ó nílò àdéhùn tó lágbára ju ìyẹn lọ. Cassandra ní irú rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ní `IF` nínú, ṣùgbọ́n ó máa ń gba àlọ àti àbọ̀ púpọ̀ sí i láàárín àwọn ẹ̀dà. Nígbà tí ẹ bá ti ń lò ó fún gbogbo ìsanwó, ẹ ti padà sí ìdúró tí ẹ sá fún.

| | ACID | BASE |
|---|---|---|
| Ìsanwó méjì pàdé lórí 10,000 | ọ̀kan kọjá, a dá èkejì padà | méjèèjì kọjá, −3,000 yọjú lẹ́yìn náà |
| Nẹ́tíwọ̀kì já láàárín sáfà | apá tí kò rí olórí kò lè gba ìsanwó | apá méjèèjì ń bá iṣẹ́ lọ |
| Nọ́ńbà tí ẹ kà | òótọ́ ni, tí ẹ bá kà á lọ́dọ̀ olórí | ó lè ti gbó |
| Ibi tí wàhálà ń sùn sí | ìdúró lórí ìlà tó gbóná | àtúnṣe lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ |

## Owó tó ń jáde àti owó tó ń wọlé kò jọra

Ìyàtọ̀ yìí ló wúlò jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àfiwé kì í dé ibẹ̀. Kí owó tó jáde, a gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ó tó, ìdáhùn sì dúró lórí gbogbo owó tó ti jáde ṣáájú. Owó tó ń wọlé kò béèrè nǹkan kan. Ẹ fi 2,000 kún 3,000, tàbí ẹ fi 3,000 kún 2,000, ibì kan náà ni ẹ máa dé. Bí ìròyìn ṣe tẹ̀ léra kò ṣe pàtàkì, bí ọ̀kan bá sì pẹ́, kò ba èkejì jẹ́.

Nítorí náà, àkáǹtì oníṣòwò tó gbóná lókè yẹn ní ọ̀nà àbáyọ. Ẹ má ṣe yí iye owó rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá san. Ẹ kàn máa kọ àkọsílẹ̀ tuntun sílẹ̀, ìlà kan fún ìsanwó kan. Àwọn ìlà tuntun kì í dúró de ara wọn. Kí iṣẹ́ kan tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ wá máa ṣà wọ́n jọ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó máa fi àròpọ̀ wọn kún iye owó. Oníṣòwò yóò rí owó rẹ̀ pẹ̀lú ìdádúró díẹ̀. BASE nìyẹn, kò sì léwu, nítorí pé nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ kéré ju òótọ́ lọ. Bó bá fẹ́ ná owó, èyí tí a ti ṣà jọ nìkan ló lè ná. Nọ́ńbà tó kéré ju òótọ́ lọ máa ń bí èèyàn nínú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Èyí tó pọ̀ ju òótọ́ lọ ló ń mú kí owó tí kò sí jáde.

## Nọ́ńbà ojú fóònù

Iye owó tí áàpù ń fi hàn àti iye owó tí ètò fi ń pinnu kì í ṣe ohun kan náà, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́. Ìpinnu gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ olórí, nínú `UPDATE` tí a rí lókè. Ti ojú fóònù, àti ìtàn ìsanwó, àti álẹ́ẹ̀tì, lè wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dà tó wà nítòsí, kí olórí lè rí àyè ṣe iṣẹ́ tó ṣe kókó.

Síbẹ̀, ewu kan wà tí kò sí nínú dátábéèsì rárá, orí èèyàn ló wà. Ọkọ san 7,000, ó parí. Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ áàpù, ó ka ẹ̀dà tí ìròyìn kò tíì dé, ó ṣì rí 10,000. Kí ni yóò rò? Pé kò lọ. Yóò sì tún un san. Dátábéèsì kò ṣe àṣìṣe kankan, ṣùgbọ́n ẹni náà lè sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun méjì ló ń dí ihò yìí. Èkíní, kí ìdáhùn ìsanwó fúnra rẹ̀ gbé iye owó tuntun bọ̀ láti ọ̀dọ̀ olórí, kí áàpù sì fi hàn. Tàbí kí a máa darí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó sọ́dọ̀ olórí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá fẹ́ wo owó rẹ̀. Èkejì, kí fóònù ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìsanwó kí ó tó fi ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kó sì máa lo nọ́ńbà kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá ń tún un gbìyànjú torí nẹ́tíwọ̀kì. Bí nọ́ńbà náà bá dé ọ̀dọ̀ sáfà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan ni owó á jáde. Bí sáfà ló bá ń ṣẹ̀dá nọ́ńbà yìí, ìsapá kọ̀ọ̀kan á gba nọ́ńbà tuntun, ààbò náà ò sì sí mọ́.

## Nígbà tí owó bá ń kọjá láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn

Títí dé ibí, A àti B wà nínú dátábéèsì kan. Bí B bá wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, kò sí `BEGIN` àti `COMMIT` kan tó lè ká méjèèjì mọ́ lọ́nà tó rọrùn. Ọ̀nà ìfohùnṣọ̀kan onípele méjì wà, níbi tí alákòóso kan yóò ti ní kí apá méjèèjì múra sílẹ̀, kó tó ní kí wọ́n parí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bí alákòóso bá kú lẹ́yìn tí wọ́n ti múra, ìlà A àti ìlà B yóò wà ní títì títí yóò fi jí. Mi ò mọ ilé iṣẹ́ tó máa fẹ́ kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mìíràn máa ti àkáǹtì oníbàárà rẹ̀ pa.

Ibí ni ACID àti BASE ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní 2008, Dan Pritchett tó wà ní eBay nígbà náà kọ nípa irú ọ̀nà yìí: ká gé ìdúnàádúrà ńlá sí kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ACID níbi tó wà, kí ìròyìn tó dúró ní ìlà sì so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé 7,000 ọkọ, kí nọ́ńbà ìsanwó rẹ̀ jẹ́ `p-81`.

Nínú ìdúnàádúrà kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yọ 7,000 kúrò nínú A, ó fi sínú àkáǹtì owó-ojú-ọ̀nà, ó sì kọ ìlà kan sínú tábìlì tí à ń pè ní àpótí ìfiránṣẹ́: "fi `p-81` ránṣẹ́". Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló parí tàbí kò sí èyí tó parí. A ku 3,000, ojú ọ̀nà ní 7,000, B kò tíì rí nǹkan kan. Àròpọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 10,000, bó sì ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ mìíràn ń ka àpótí náà, ó ń fi ìròyìn ránṣẹ́, ó sì ń tún un fi ránṣẹ́ títí ìdáhùn á fi dé. Torí náà ìròyìn lè dé lẹ́ẹ̀mejì, ilé iṣẹ́ kejì sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ti rí:

```sql
INSERT INTO received (payment_id) VALUES ('p-81')
ON CONFLICT DO NOTHING;
```

Bí ìlà tuntun bá wọlé, kó fi 7,000 kún B nínú ìdúnàádúrà yẹn kan náà. Bí èsì bá jẹ́ `INSERT 0 0`, ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Kó kàn dáhùn pé ó ti parí. Èyí kò ní ṣiṣẹ́ bí `payment_id` kò bá ní òfin pé kò gbọdọ̀ wà lẹ́ẹ̀mejì nínú tábìlì náà.

Nígbà tí ìdáhùn kò bá wá ni ọ̀pọ̀ ètò ń ba nǹkan jẹ́. Pé àkókò ìdúró ti tán kò túmọ̀ sí pé ìsanwó kùnà. Ó túmọ̀ sí pé a kò tíì mọ̀. Tí ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ bá sáré dá 7,000 padà sí A, tí ìròyìn tó há sójú ọ̀nà wá dé ọ̀dọ̀ B lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, A ní 10,000, B ní 7,000, a sì ti dá 7,000 sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè ipò `p-81`. Bí ilé iṣẹ́ kejì bá ní òun kò mọ̀ ọ́n, kó ní kí wọ́n fagi lé e, kí ilé iṣẹ́ kejì sì kọ ìfagilé náà sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, kó bàa lè kọ̀ ọ́ bí ìròyìn àtijọ́ bá padà dé. Ìgbà tí ìdáhùn ìfagilé bá dé ni kí owó tó kúrò lójú ọ̀nà padà sí A, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tuntun. Ẹ má ṣe pa àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun tí áàpù yẹ kó fi han ọkọ ni "ó ń lọ lọ́wọ́".

## Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba ìsanwó nígbà tí olórí kò sí

Nígbà míì, kíkọ̀ láti sanwó máa ń fa àdánù ju gbèsè kékeré lọ. Brewer fi ẹ̀rọ tó ń pọ owó ṣe àpẹẹrẹ èyí nínú ohun tó kọ ní 2012: nígbà tí ẹ̀rọ kò bá rí olórí bá sọ̀rọ̀, ó ṣì lè fún èèyàn lówó, ṣùgbọ́n dé ìwọ̀n kan. Ìwọ̀n yẹn ni iye ewu tí ilé iṣẹ́ gbà láti gbé. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ pín owó náà ṣáájú. Nínú 10,000, kí ẹ̀dà kìíní ní àṣẹ lórí 6,000, kí èkejì ní 4,000. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ná ìpín tirẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àkáǹtì kò sì ní wọ gbèsè láé. Àmọ́ ẹ ó rí i pé 7,000 ọkọ kò ní kọjá ní ẹ̀dà kìíní bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà, àfi tí ẹ̀dà méjèèjì bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dára fún ọ̀pọ̀ ìsanwó kéékèèké, kò dára fún ńlá kan ṣoṣo.

## Ohun tí ẹ óò máa wò

Lápá ACID, ẹ máa wo bí ìdúnàádúrà ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó rí ìlà tì, àti iye `40P01` àti `40001` tó ń wọlé. Bí méjèèjì bá ń lọ sókè fún àkáǹtì díẹ̀ péré, ìlà gbígbóná ni. Lápá BASE, ìdádúró láàárín olórí àti ẹ̀dà (`replay_lag` nínú `pg_stat_replication` ń fi í hàn), àti ọjọ́ orí ìròyìn tó pẹ́ jù nínú àpótí ìfiránṣẹ́. Mo fẹ́ràn ti ọjọ́ orí yìí ju iye wọn lọ: ìròyìn ẹgbẹ̀rún tó ń kọjá wéréwéré kò léwu, ìròyìn kan tó ti há láti àná ni owó ẹnìkan.

Kí ẹ sì máa fi ìwé ilé iṣẹ́ méjèèjì wéra lójoojúmọ́, nọ́ńbà ìsanwó sí nọ́ńbà ìsanwó. Gbogbo owó tó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí i. Bí àròpọ̀ kò bá pé, má ṣe fi àkọsílẹ̀ àtúnṣe lásán dí i. Wá nọ́ńbà tí apá kan ní tí èkejì kò ní.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ irú ètò yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi gbogbo owó sínú dátábéèsì ACID kan ṣoṣo tó ní olórí kan, kó sì jẹ́ kí ìtàn ìsanwó àti álẹ́ẹ̀tì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà ni kó bọ́ sórí àkáǹtì àwọn oníṣòwò tó gbóná, kó sọ owó tó ń wọlé di àkọsílẹ̀. Yíyọ owó, kó fi í sílẹ̀ níbi tó wà.